Omega Seamaster tí mo fẹ́ rà yìí, ṣé ojú rẹ̀ gan-an nìyí?

Àdìó Kékeré

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Omega Seamaster kan ni mo fẹ́ rà, ẹni tó ń tà á sọ pé ọdún 1966 ni wọ́n ṣe é. Fọ́tò mákírò mẹ́rin ló fi ránṣẹ́: ojú aago, orí kékeré tí a fi ń wáìnì rẹ̀, ẹ̀yìn, àti inú ìdérí ẹ̀yìn. Ó búra pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan aago náà rí. Ṣùgbọ́n àmì Ω tó wà lórí ìwáìnì wọ́, ẹṣin òkun tí wọ́n fín sẹ́yìn dà bí ẹni fẹ́ ṣubú, lẹ́tà ojú rẹ̀ sì dà bíi pé ó ń ṣàn. Ṣé kí n rà á àbí kí n sá?

---

Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà

Àbúrò, sá! Àmì Ω tó wọ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn tó ṣe aago yẹn kò lè gbé àmì ara wọn kalẹ̀ ní wíwọ́. Orí ìwáìnì ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò, tí kò bá ti tọ́, n kì í wo ìyókù mọ́.

---

Alawò

Àdìó, má tíì sá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ ohun tí Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà sọ yìí, aago gidi tí wọ́n sì ti tìtorí rẹ̀ kọ̀ kò níye. Orí ìwáìnì, ńṣe ni wọ́n ń yí i mọ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ inú aago lọ. Ibi tí ìdè rẹ̀ bá dúró sí ni Ω máa kọjú sí. Gbogbo ìgbà tí o bá sì wáìnì aago, tàbí tí o bá tún àkókò rẹ̀ ṣe, orí náà ń yí. Bí o bá ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀, tí o tún yà á lálẹ́, Ω kò ní kọjú síbi kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn aago tó jẹ́ èyí tí a ń yí dè: ẹṣin òkun yóò dúró síbi tí ìdérí bá ti le. Wọ́n kàn lè pààrọ̀ rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹṣin náà sì kọjú síbòmíràn lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí mo máa ń wò lórí ìwáìnì ni ìdí àmì náà, níbi tí Ω ti pàdé ilẹ̀ tó dúró lé. Lára orí ìwáìnì gidi tó ti gbó, òkè Ω á ti pẹlẹbẹ, á sì máa dán, nítorí òun ni ìka ń fi ara kàn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ á ṣì mú. Lára ayédèrú, òkè àti ìdí ló máa rọ̀ pọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Tìẹ yìí kò rọ̀. Ìdí Ω mú, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kò sì sí ìha kan lórí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí pé nínú fọ́tò kan náà, etí ara aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbó, kò mú mọ́. Orí ìwáìnì yìí kéré lọ́jọ́ orí sí aago tó wà lára rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá, torí ara ohun tó máa ń kọ́kọ́ gbó lára aago ni, ṣùgbọ́n ó já ìbúra ẹni tó ní ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

---

Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà

Mo gbọ́ ti ìwáìnì, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ti lẹ́tà tó ń ṣàn ńkọ́? Ojú aago tí wọ́n tún kùn nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

---

Alawò

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn kò tíì sọ ọ́. Ẹ fa etí lẹ́tà náà sún mọ́ra, ẹ máa rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí dúdú rẹ̀ ká. Íńkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù ló ń ṣe é nígbà tó bá ń pọ́n àwòrán kọjá bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá tún wá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gba ibi tó máa ń fún un kéré, etí lẹ́tà á já wẹ́wẹ́, ẹni tó ń wò ó á ní íńkì ló ṣàn.

Kí n tó dá íńkì lẹ́bi, mo máa ń wá ohun mìíràn tó wà ní ipele kan náà pẹ̀lú lẹ́tà, tí kì í ṣe íńkì. Etí fèrèsé déètì dára fún èyí. Bí òun náà bá ní ìlà funfun, tó sì já wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ ayàwòrán ló jẹ̀bi. Bí fèrèsé bá mú bí abẹ, tó jẹ́ lẹ́tà nìkan ló ń ṣàn, ẹjọ́ dọwọ́ íńkì nìyẹn. Ẹ má fi ọwọ́ aago ṣe òṣùwọ̀n, torí ó ga ju ojú aago lọ. Tí lẹ́ńsì mákírò bá sún mọ́ débi pé ohun tí à ń yà tóbi tó ara rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀, jíjìn ibi tó máa mọ́ kedere kò ju bíi mìlímítà 1 lọ. Lẹ́tà lè mọ́ kí ọwọ́ aago sì ṣú, láìsí àrékérekè kankan níbẹ̀.

Àdìó, sọ fún un kó tún fọ́tò yà. Kó má fi iná fóònù tan ojú aago. Kó gbé iná kan sí ẹ̀gbẹ́, kó lọ sílẹ̀, kí òjìji lè hàn lẹ́yìn ohun tó bá ga. Kó fi fóònù jìnnà díẹ̀, kó wá gé àwòrán náà lẹ́yìn, torí ọ̀pọ̀ fóònù tó bá ti sún mọ́ jù máa ń bọ́ sí lẹ́ńsì fífẹ̀ tó ń fa etí nǹkan gùn. Kó yà á láti òkè tààrà. Dígí aago ìgbà náà jẹ́ ike tó wú láàárín, tí o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ìlà ìṣẹ́jú tó tọ́ á dà bí èyí tó tẹ̀. Kó sì fi fáìlì náà ránṣẹ́ bó ṣe wà, láìfún un.

---

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi ní Seiko tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀, lẹ́tà ojú rẹ̀ ti ń parẹ́. Mo ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí nọ́ńbà mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 74. Ṣé ìyẹn ni pé ọdún 1974 ni wọ́n ṣe é? Ṣé kí n gbé e fún ẹni tó máa tún ojú rẹ̀ kùn kó lè dán?

---

Alawò

Ẹ kú ìtọ́jú ogún, Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe 1974 ló ń wí. Nínú nọ́ńbà Seiko ìgbà yẹn, ti àkọ́kọ́ ni ìparí ọdún, ti kejì ni oṣù: 7 jẹ́ ọdún tó parí sí 7, 4 sì jẹ́ oṣù kẹrin. Ó lè jẹ́ 1967, ó lè jẹ́ 1977. Nọ́ńbà mẹ́rin tó ṣáájú dáàṣì lẹ́yìn aago náà ni orúkọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, ọdún tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde ló máa bá yín yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Oṣù kẹwàá máa ń jẹ́ 0, ìkọkànlá N, ìkejìlá D.

Ti kíkùn yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọwọ́ bàbá yín ló wà lára lẹ́tà tó ń parẹ́ yẹn.

---

Àdìó Kékeré

Ó ti tún un yà. Ẹ̀gbọ́n Alawò, bí ẹ ṣe ní kó gbé iná ló ṣe gbé e, mo sì ti fi fọ́tò méjì sókè. Etí fèrèsé déètì mú báyìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà S tó wà nínú Seamaster ṣì nípọn nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Mo tún rí nǹkan kan bí ìlà àwọ̀ ní ìdí àmì wákàtí, n ò mọ ohun tó jẹ́.

---

Alawò

Àdìó, ojú rẹ ti ń là. Ìlà tí o rí yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Àmì wákàtí aago yìí kì í ṣe títẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọ́n ní ẹsẹ̀ kéékèèké tó wọ inú ihò lójú aago. Nílé iṣẹ́, wọ́n á kun ojú aago, wọ́n á dán an, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó kan irin yẹn mọ́ ọn. Nítorí náà ìdí irin gbọ́dọ̀ mọ́, irin dúró lórí àwọ̀, tí wọ́n pàdé ní ìlà kan ṣoṣo. Nínú fọ́tò rẹ kejì, wo àmì aago 4. Àwọ̀ fàdákà ojú aago gun ẹ̀gbẹ́ irin náà bí omi tó gun ẹ̀gbẹ́ ife. Ẹni tó kùn ún kò yọ àmì náà kó tó kùn. Fèrèsé déètì náà ń wí ohun kan náà: àwọ̀ kó jọ sí igun rẹ̀ méjì nísàlẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀dà bá ṣàn tó sì gbẹ.

Ní ti lẹ́tà, bọ́ọ̀lù rírọ̀ ni wọ́n fi ń gbé íńkì láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sí irin, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú aago. Íńkì tó bá ti ibẹ̀ wá máa ń dúró sókè díẹ̀, tí iná bá wá láti ẹ̀gbẹ́ o máa rí òjìji irun kan lẹ́yìn lẹ́tà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á sì tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tìẹ dúró sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìnípọn rẹ̀ ń yí padà. Nínú OMEGA, ẹsẹ̀ M òsì fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ihò inú A sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ìlà ìṣẹ́jú tó yẹ kó wọ àárín àmì aago 7 gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tìyẹn kò sì lè jẹ́ ẹ̀bi dígí torí pé láti òkè tààrà lo ti yà á, àmì aago 5 tó kojú rẹ̀ sì tọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọwọ́ aago. Àárín wọn ní ohun tó ń tàn lókùnkùn, ó ti di àwọ̀ wàrà. Lójú aago, kò sí ẹyọ kan, kò sí tóótóó kankan létí àmì wákàtí. Aago Omega ọdún tó sọ yẹn tó bá ní tírítíọ̀mù, ohun tó ń tàn lókùnkùn yẹn, máa ń kọ T sí ọ̀tún àti òsì SWISS MADE nísàlẹ̀. Tìẹ, SWISS MADE nìkan. Ọwọ́ tó ń tàn lórí ojú tí kò tàn, ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá èkejì wá. Ó jọ pé ẹni tó kùn ún pa tóótóó rẹ́, ó sì gbàgbé T.

Èrò mi: wọ́n tún un kùn. Àmì aago 4 nìkan tó mi ṣe ẹ̀rí.

---

Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà

Mo ní kó sá láti ìbẹ̀rẹ̀! Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, mo ti rí ojú aago tó jáde láti ilé iṣẹ́ tí ìlà ìṣẹ́jú rẹ̀ kò wọ àárín. Ẹ ò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

---

Alawò

O tọ̀nà níbẹ̀. Ìlà kan tó yẹ̀ kò tó ẹ̀rí, èmi náà ti rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi àwọ̀ tó gun ẹ̀gbẹ́ irin ṣáájú: kò sí bí ilé iṣẹ́ tó kan irin mọ́ ojú lẹ́yìn kíkùn ṣe máa rí àwọ̀ gun irin náà. Ìyókù kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni.

---

Atúnàgoṣe

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Lọ́dọ̀ èmi tí mo ń ṣí aago lójoojúmọ́, ẹ ń fi ojú aago da ara yín láàmú jù. Láyé ìgbà náà, tí aago bá wá fún àtúnṣe, tí ojú rẹ̀ sì dúdú, wọ́n á kùn ún fún oníbàárà gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ni. Kì í ṣe jìbìtì. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi Àdìó ni kí ló wà nínú ìdérí ẹ̀yìn.

---

Àdìó Kékeré

Ẹ má bínú, mo yẹ kí n ti sọ. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 166, àmì tó-tó, tí nọ́ńbà mẹ́ta mìíràn sì tẹ̀lé e. Àwọn ìkọ wẹ́wẹ́ kan tún wà níbẹ̀ tó dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha, ọ̀kan jọ 3/71. Mo rò pé ẹnì kan ló bà á jẹ́.

---

Atúnàgoṣe

Kò bà á jẹ́ rárá, ọmọ mi. Àwa atúnàgoṣe ló máa ń ha ìyẹn síbẹ̀, kí a lè mọ̀ tí aago bá padà wá pé a ti ṣí i rí. 3/71 lè jẹ́ oṣù kẹta 1971. Bí mo bá ṣí aago tó ti tó ọgọ́ta ọdún, tí n ò rí ìha kan, ara máa ń fu mí.

Nọ́ńbà yẹn náà ń sọ̀rọ̀. Ní Omega ìgbà náà, 166 jẹ́ aago ọkùnrin tó ń wáìnì ara rẹ̀, tó ní déètì. 165 ń wáìnì ara rẹ̀, kò ní déètì. 135 kò ní déètì, ọwọ́ ni a fi ń wáìnì rẹ̀. Bí ojú aago bá kọ AUTOMATIC, tó sì ní fèrèsé déètì, ó bá 166 mu. Bí ìdérí bá jẹ́ 135, tí ojú wá ń kọ AUTOMATIC, aago méjì ni wọ́n tò pọ̀ nìyẹn. Ní kó ya ẹ̀rọ inú. Nọ́ńbà aago náà, ara ẹ̀rọ ni wọ́n fín in sí, kì í ṣe ara ìdérí.

---

Alawò

Mo gba gbogbo ohun tí bàbá wa Atúnàgoṣe sọ, àyàfi ibi tí wọ́n ti ní kíkùn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Kíkùn fúnra rẹ̀ kì í ṣe jìbìtì. Kí ẹni tó ń tà á búra pé wọn kò kùn ún, jìbìtì nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé òun náà kò mọ̀.

Kí n padà sí ẹṣin òkun, torí òun ló jẹ mí lówó rí. Mo ra irú aago yìí láti inú fọ́tò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lọ́wọ́ ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹṣin ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, mo ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tó dé ọwọ́ mi, tí mo gbé awò lé e, mo rí i pé kòtò àárín ẹsẹ̀ ẹṣin náà rọ̀ pẹ̀lú, ihò wẹ́wẹ́ bíi ti búrẹ́dì sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti da irin sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ara ẹ̀yìn gidi mú jáde ni. Bẹ́ẹ̀ fọ́tò náà ti fi hàn mí, èmi ni n kò mọ ibi tó yẹ kí n wò.

Ibi tí ọrùn ọwọ́ àti aṣọ kò lè dé ni kí ẹ máa wò. Gbígbó a máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀: orí ẹṣin, gọ̀gọ̀ rẹ̀ àti ibi tó ga lára ìrù rẹ̀ a kọ́kọ́ pẹlẹbẹ, kòtò á ṣì mú. Èyí tí wọ́n dà ní mọ́ọ̀dù rọ̀ lókè, ó rọ̀ nísàlẹ̀. Nínú fọ́tò Àdìó, orí ẹṣin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ṣùgbọ́n ìlà wẹ́wẹ́ tó wà nínú kòtò lábẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣì dúró ní kíkún. Ẹ̀yìn gidi nìyí, ó kàn ti rìn jìnnà ni. Etí lẹ́tà tó yí i ká náà fi hàn pé wọ́n lù ú ni: èjìká wọn yí díẹ̀. Bó bá jẹ́ lésà, ìsàlẹ̀ lẹ́tà á ṣú, á sì rí gúrúgúrú bí iyanrìn. Tí mo bá rí lésà lẹ́yìn aago tí wọ́n ní ti 1966 ni, mi ò ní béèrè ìbéèrè kejì.

---

Àdìó Kékeré

Fọ́tò ẹ̀rọ inú ti dé! Ó kọ 565 síbẹ̀, nọ́ńbà aago sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 24, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ. Mo fi fọ́tò àmì aago 4 hàn án. Ó dákẹ́ fún wákàtí méjì, ó wá ní òun náà ra aago yìí bẹ́ẹ̀ ni, òun kò mọ̀ pé wọ́n ti kùn ún, òun á sì dín owó rẹ̀.

---

Atúnàgoṣe

565 jẹ́ ẹ̀rọ tó ń wáìnì ara rẹ̀, ó ní déètì, ó bá 166 lọ. Mílíọ̀nù 24 sì bọ́ sí nǹkan bí 1966 sí 1967. Ara, ẹ̀yìn àti inú rẹ̀ bára mu. Rà á tí owó bá wálẹ̀, kí o máa fi ọwọ́ rẹ wọ̀ ọ́.

---

Ojú-Lọ̀rọ̀-Wà

Ọwọ́ aago tó ń tàn ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ náà ni wọ́n gbé wá láti ara aago mìíràn, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò tàn rí látilẹ̀wá?

---

Alawò

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, fọ́tò tó wà nílẹ̀ kò sì lè yanjú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó lè là á ni kí wọ́n yọ ojú aago kúrò, kí wọ́n sì fi iná ẹ̀gbẹ́ ya etí òde àmì wákàtí. Bí tóótóó bá ti wà níbẹ̀ rí kí wọ́n tó kùn ún, àwọ̀ tuntun lè fi gegele tàbí kòtò kékeré hàn níbi tó wà. Tí ibẹ̀ bá tẹ́jú, n kò ní lè sọ ohunkóhun, torí wọ́n lè ti ha á kúrò pátápátá.

---

Àdìó Kékeré

Ó gbà láti yọ ọ́ lọ́la kó lè yà á. Ó ní òun á kọ́kọ́ nù ún kó mọ́ dáadáa.

---

Atúnàgoṣe

Pè é kíákíá, má kọ̀wé sí i! Kó má nu ojú aago yẹn rárá, ìbáà jẹ́ aṣọ gbígbẹ. Íńkì tí wọ́n tẹ̀ sórí àwọ̀ àtúnkùn kì í sábà ní ohun tó bò ó, ó lè bá aṣọ lọ. Mo ti rí ẹni tó nu SWISS MADE kúrò lẹ́ẹ̀kan. Kó fi ohun ìfẹ́ afẹ́fẹ́ lé eruku kúrò, kó sì yà á bẹ́ẹ̀.